Kí Ló Dé Tí Kúíkì Sọ́ọ̀tì Fi Ń Falẹ̀ Nínú Lábù?

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé agbára káká ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan fi máa kúrò ní yunifásítì láìṣe é. Olùkọ́ á kó nọ́ńbà jọ fún wọn, á ní kí wọ́n fi ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tò ó láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, kí wọ́n wá kọ ìròyìn lábù lórí èyí tó yá jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀hún ni bọ́bùlù sọ́ọ̀tì, mọ́ọ̀jì sọ́ọ̀tì àti kúíkì sọ́ọ̀tì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni ìwé ti sọ ìdáhùn fún un: bọ́bùlù ló máa gbẹ́yìn, àwọn méjì yòókù ló máa yára. Àmọ́ nígbà míì, tí iṣẹ́ bá parí, ohun tó máa hàn lójú kọ̀ǹpútà ni pé kúíkì sọ́ọ̀tì àti bọ́bùlù jọ ṣe wàhálà kan náà gẹ́lẹ́.

Ẹlòmíì á pa kóòdù rẹ̀ rẹ́, á tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì á fi iye yẹn pamọ́, á kọ ohun tí ìwé wí. Méjèèjì ni kò dáa, torí kóòdù náà lè má ní àbùkù kankan. Iye tó ṣàjèjì yẹn ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú iṣẹ́ náà, mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé kò sí bí a ṣe lè dáhùn ìbéèrè náà, "Èwo ló yá jù?", láìkọ́kọ́ béèrè bí nọ́ńbà ọ̀hún ṣe tò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú máàkì akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ, bí wọ́n ṣe fi ìwé ìdánwò sílẹ̀ láìtò ó: 52, 71, 38, 64, 45, 80, 27, 59. Mẹ́jọ kéré tó láti fi pẹ́ńsù ṣe lórí ìwé, ó sì pọ̀ tó láti fi ìyàtọ̀ hàn. Ohun tí a ó máa kà ni ìfiwéra, ìyẹn iye ìgbà tí a mú nọ́ńbà méjì tí a wò ó pé èwo ló jù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá nìkan ni wọ́n ń kọ sínú ìròyìn. Aago wúlò, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan yá ju òmíràn lọ, kọ̀ǹpútà kan náà sì lè lo àkókò tó yàtọ̀ fún iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, torí àwọn iṣẹ́ mìíràn tó ń lọ lábẹ́lẹ̀. Iye ìfiwéra kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Bí kóòdù àti nọ́ńbà bá jẹ́ ọ̀kan náà, ohun tí a kà ní Ìbàdàn la ó kà ní Kútọnu.

Bọ́bùlù sọ́ọ̀tì ni kò lọ́jú pọ̀ rárá. A ó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, a ó fi nọ́ńbà kìíní wé ìkejì. Bí èyí tó wà níwájú bá pọ̀ jù, wọ́n á pààrọ̀ ibi ìjókòó. A ó lọ sórí ìkejì àti ìkẹta, títí a ó fi dé ìparí. 52 àti 71 wà bó ṣe yẹ. 71 àti 38 pààrọ̀. 71 tún pààrọ̀ pẹ̀lú 64, ó tún pààrọ̀ pẹ̀lú 45, kó tó pàdé 80 tó jù ú lọ. Láti ibẹ̀ ni 80 ti ń rọra lọ títí ó fi dé ìparí ìlà. Ìrìn àkọ́kọ́ yìí gba ìfiwéra 7, ìlà náà sì wá di 52, 38, 64, 45, 71, 27, 59, 80. Kìkì 80 ló dájú pé ó ti dé àyè rẹ̀. Ìrìn kejì á gba 6, ìkẹta á gba 5, bẹ́ẹ̀ ló máa ń dín kù. Ẹ wo 27 tó wà lẹ́yìn: ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè sún síwájú nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan, òun sì ló yẹ kó wà níwájú pátápátá. Òun ló fà á tí a fi rìn ín ní gbogbo ìgbà méje, tí àpapọ̀ ìfiwéra fi jẹ́ 28.

Mọ́ọ̀jì sọ́ọ̀tì, tí John von Neumann gbé kalẹ̀ ní 1945 nígbà tí wọ́n ń gbèrò kọ̀ǹpútà EDVAC ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Ó máa ń pín ìlà sí méjì, á tún pín ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì, títí á fi ku nọ́ńbà ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀ padà. Ibi ìsopọ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Bí olùkọ́ méjì bá ti to ìwé ìdánwò tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n fẹ́ dà á pọ̀, wọn ò ní í tú gbogbo rẹ̀ ká mọ́. Wọn ó kàn máa wo ìwé tó wà lókè òkìtì méjèèjì, èyí tó kéré ni wọ́n á mú.

Nínú máàkì mẹ́jọ wa, ìsopọ̀ méjì-méjì gba ìfiwéra 4, ó sì fún wa ní 52 àti 71, 38 àti 64, 45 àti 80, 27 àti 59. Ìsopọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin gba 3 ní apá òsì, 3 ní apá ọ̀tún. A wá ní 38, 52, 64, 71 lọ́wọ́ kan, 27, 45, 59, 80 lọ́wọ́ kejì. Nígbà ìsopọ̀ ìkẹyìn, 38 pàdé 27, 27 jáde. 38 pàdé 45, 38 jáde. 52 pàdé 45, 45 jáde. 52 pàdé 59, 52 jáde. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi ku 80 nìkan, tí kò ní ẹni tí a ó fi í wé mọ́. Ìfiwéra 7 nìyẹn. 4, 6 àti 7 jẹ́ 17.

Kúíkì sọ́ọ̀tì máa ń yan nọ́ńbà kan, tí a ó pè ní òpó níhìn-ín. Gbogbo nọ́ńbà yòókù ni a ó fi wé òpó yìí: àwọn tó kéré sí i á bọ́ sí òsì, àwọn tó jù ú á bọ́ sí ọ̀tún, òpó fúnra rẹ̀ á sì jókòó sáàárín, kò tún ní í kúrò níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òsì lọ́tọ̀, fún ọ̀tún lọ́tọ̀. Bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe ń kọ́ni ni pé kí a fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe òpó, torí ó rọrùn láti kọ. Níhìn-ín, òpó wa ni 52. Ìfiwéra 7 pín àwọn yòókù: 38, 45, 27 ní òsì, 71, 64, 80, 59 ní ọ̀tún. Ní òsì, 38 di òpó, ìfiwéra 2 ti tó. Ní ọ̀tún, 71 di òpó, ìfiwéra 3. Ó ku 64 àti 59, ìfiwéra 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13.

Nítorí náà, bọ́bùlù 28, mọ́ọ̀jì 17, kúíkì 13. Ohun tí ìwé wí gan-an nìyí, inú akẹ́kọ̀ọ́ á sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé máàkì mẹ́jọ kan náà kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tò tán: 27, 38, 45, 52, 59, 64, 71, 80. Bọ́bùlù tí a kọ dáadáa máa ń kíyè sí i bí nọ́ńbà kankan kò bá pààrọ̀ nínú ìrìn kan, á sì dúró. Ìrìn ẹyọ kan, ìfiwéra 7, ó ti parí iṣẹ́. Mọ́ọ̀jì lo 12. Kúíkì wá ńkọ́? Ó fi 27 ṣe òpó, ó fi méje wé e, kò sí ẹyọ kan tó bọ́ sí òsì. Gbogbo méjèèje wà ní ọ̀tún. Ó fi 38 ṣe òpó, mẹ́fà tún wà ní ọ̀tún. 7, 6, 5, 4, 3, 2, 1: àpapọ̀ 28. Èyí tó jẹ́ asáré nínú ìlà àkọ́kọ́ ló wá gbẹ́yìn, bọ́bùlù tí gbogbo ayé ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ló gba ipò kìíní.

Bí a bá yí ìlà náà dà sẹ́yìn, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí 80 kó sì parí sórí 27, bọ́bùlù á padà sí 28, kúíkì náà á jẹ́ 28, mọ́ọ̀jì á ṣì wà lórí 12. Ohun tó fà á kò ṣòroó rí. Agbára kúíkì wà nínú pípín ìlà sí méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí òpó bá jẹ́ ẹni tó kéré jù tàbí ẹni tó pọ̀ jù nígbà gbogbo, kò pín nǹkan kan. Ẹyọ kan péré ló ń yọ kúrò nínú ìlà lẹ́ẹ̀kan, bí bọ́bùlù ṣe ń ṣe. Mọ́ọ̀jì kò ní ìṣòro yìí, torí kì í wo máàkì kó tó pín. Àárín ló máa ń gé, ohun yòówù kó wà níbẹ̀.

Báwo wá ni ìlà tó ti tò tán ṣe ń dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ fún ní nọ́ńbà tó dà rú? Ẹ wo kóòdù yìí, tí wọ́n kọ ní èdè Páítọ́nì:

```
a = [52, 71, 38, 64, 45, 80, 27, 59]
bubble(a)
merge(a)
quick(a)
```

Lójú, kò sí ohun tó burú níbẹ̀: ìlà kan náà ni a gbé fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àṣìṣe wà níbẹ̀ ṣá o. Bọ́bùlù sọ́ọ̀tì kì í ṣe ẹ̀dà nọ́ńbà. Inú `a` fúnra rẹ̀ ló ti ń pààrọ̀ wọn. Nígbà tó bá fi parí, `a` ti tò. Ohun tí mọ́ọ̀jì àti kúíkì bá nílẹ̀ kì í ṣe ohun tí bọ́bùlù bá. Ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ náà á wá kà pé bọ́bùlù 28, mọ́ọ̀jì 12, kúíkì 28. Mọ́ọ̀jì rí ẹ̀bùn gbà, kúíkì jìyà, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀:

```
bubble(a.copy())
merge(a.copy())
quick(a.copy())
```

Ọ̀nà kan wà láti dá àṣìṣe yìí mọ̀ láìwo kóòdù rárá. Iye ìfiwéra tó ga jù lọ fún nọ́ńbà tó jẹ́ n ni n(n-1)/2. Fún 8, 28 ni. Fún 500, 124,750 ni. Bí iye kúíkì nínú ìròyìn bá dọ́gba pẹ̀lú èyí láìfi ẹyọ kan lé, láìfi ẹyọ kan dín, kì í ṣe pé orí kò gbè é. Lórí nọ́ńbà 500 tó dà rú, tí kò sí méjì tó jọra, bíi 4,800 ni kúíkì máa ń lò ní ìpíndọ́gba. Kí nọ́ńbà tó dà rú ṣèèṣì mú un dé 124,750 kò ṣeé retí láéláé. Ó ní láti jẹ́ pé ìlà náà ti tò kó tó dé ibẹ̀, tàbí pé ó tò láti ẹ̀yìn wá, tàbí pé gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń ya èèyàn lẹ́nu: bí kóòdù bá ń da gbogbo ẹni tó bá dọ́gba pẹ̀lú òpó sí apá kan ṣoṣo, máàkì 500 tó jẹ́ 50, 50, 50 á fìyà jẹ kúíkì bákan náà.

Àmì kejì tún hàn gbangba ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìlà tó ti tò ṣe é ní Páítọ́nì, 500 á lọ, ṣùgbọ́n tó bá dé 1,000, kúíkì sọ́ọ̀tì tó ń pe ara rẹ̀ á já sí èyí:

```
RecursionError: maximum recursion depth exceeded
```

Ìdí ni pé nígbà kọ̀ọ̀kan tí kúíkì bá pín ìlà, ó máa ń tún ara rẹ̀ pè láti inú ara rẹ̀ fún apá tó kù. Bí ìpín bá dọ́gba, ìpè tó wọnú ara wọn kì í jìn, torí ìdajì-ìdajì kì í pẹ́ sọ 1,000 di ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ló ń yọ lẹ́ẹ̀kan, ìpè á wọnú ìpè títí ó fi máa sún mọ́ 1,000, ibẹ̀ sì ni ààlà tí Páítọ́nì fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ máa ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé ààlà yẹn sókè. Èmi kò gbà wọ́n níyànjú láti kọ́kọ́ sáré síbẹ̀, torí òpó ni kí wọ́n tún yàn, kì í ṣe ààlà ni kí wọ́n gbé.

Ẹni tó ṣẹ̀dá kúíkì sọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ mọ èyí. Tony Hoare, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Yunifásítì Ìjọba ní ìlú Mọ́sìkò gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ní nǹkan bí 1959 sí 1960. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni bí kọ̀ǹpútà ṣe máa túmọ̀ èdè Rọ́ṣíà sí Gẹ̀ẹ́sì. Orí téèpù gígùn ni ìwé atúmọ̀ wà nígbà náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì tò ní ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ to àwọn ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn, wọn ò ní í máa yí téèpù síwá sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa yí i já. Ọ̀nà tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn jọ bọ́bùlù, ó sì rí i pé yóò falẹ̀ jù. Èkejì tó rò ni kúíkì sọ́ọ̀tì. Nígbà tó padà sílé tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Elliott Brothers, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun mọ ọ̀nà ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó yá ju èyí tí wọ́n ní kí òun kọ. Wọ́n ta sísì kan lé e, Hoare ló sì jẹ. Nínú kóòdù tó tẹ̀ jáde ní 1961, kì í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló fi ṣe òpó. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣà á bó bá ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, láti ibikíbi nínú ìlà. Kúíkì sọ́ọ̀tì tó ń fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe òpó tí a ń kọ́ lónìí, àgékúrú ohun tó ṣe ni, ara ohun tí a gé kúrò ló sì ń dùn wá.

Ní Páítọ́nì, lẹ́yìn `import random`, ìlà kóòdù yìí ni yóò máa yan òpó:

```
pivot = random.choice(a)
```

Pẹ̀lú èyí, kò sí ìlà kan pàtó tó lè máa fìyà jẹ kúíkì nígbà gbogbo, àfi bí nọ́ńbà tó jọra bá pọ̀ jù, èyí tó nílò kí kóòdù ya àwọn tó dọ́gba pẹ̀lú òpó sọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣíṣà lè wo nọ́ńbà mẹ́ta, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí, kó fi èyí tó bọ́ sáàárín nínú wọn ṣe òpó. Fún ìlà tó ti tò, ìyẹn á bọ́ sí àárín gbùngbùn, ìpín á sì dọ́gba.

Bí nọ́ńbà bá wá pọ̀, ìyàtọ̀ á fẹjú. Láti 500 lọ sí 1,000, iye tó ga jù fún bọ́bùlù kúrò ní 124,750, ó di 499,500: a sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ti mọ́ọ̀jì, bó ti wù kí ìlà náà burú tó, kúrò ní 3,989, ó di 8,977. Kúíkì lórí nọ́ńbà tó dà rú wà ní bíi 11,000 ní ìpíndọ́gba. Ẹ kíyè sí i pé mọ́ọ̀jì ló kéré jù níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, aago á sọ pé kúíkì ló kọ́kọ́ dé. Ìfiwéra nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Mọ́ọ̀jì nílò àyè mìíràn tó tó ìlà náà, á máa kó nọ́ńbà lọ síbẹ̀, á tún kó o padà. Inú ìlà kan náà ni kúíkì ti lè parí gbogbo tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iye ìfiwéra àti àkókò jọ wà nínú ìròyìn, kí a sì ṣàlàyé ibi tí wọn ò bá ti bára mu.

Mọ́ọ̀jì ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn. Bí ẹni méjì bá gba 64, ẹni tó ṣáájú nínú ìlà àtijọ́ ló máa ṣáájú nínú ìlà tuntun. Kúíkì kì í ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Fún ìwé máàkì tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi orúkọ tò, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ìlà tó dà rú nìkan sílẹ̀ nínú ìròyìn. Ẹ fi èyí tó ti tò kún un, èyí tó tò láti ẹ̀yìn, àti èyí tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bí ìlà ṣe rí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti bí ẹ ṣe yan òpó. Ẹ̀yin olùkọ́ náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé kúíkì 28 wá lórí nọ́ńbà mẹ́jọ, ẹ má sáré fagi lé e. Ẹ ní kó fi ìlà tó gbé fún kúíkì hàn yín ná.